Bí Aró Irun Bá Dúdú Jù: Ibi tí Ṣampú àti Fítámì Sí Lè Ràn Wá Lọ́wọ́ Dé

  

Ọ̀rọ̀ aró irun ni mo gbé wá lónìí, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní dáì. Ènìyàn lè fẹ́ kí irun òun jẹ́ búráùn, kó kun aró tán, kó fọ̀ ọ́, kó rí i pé ó dúdú kirikiri. Bó bá ké gbàjarè, ìmọ̀ràn méjì ló sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní kó wá ṣampú líle, irú èyí tí kò fi ọ̀rá kankan sílẹ̀ lórí, kó fi fọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn á ní kó lọ hóró fítámì Sí, kó pò ó mọ́ ṣampú, kó fi kun orí. Ìmọ̀ràn méjèèjì ní òtítọ́ nínú, ṣùgbọ́n wọ́n ní ààlà, ẹni tí kò bá sì mọ ààlà náà á fọ irun rẹ̀ títí á fi máa já.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́wọ́ lọ sílé nìyí: aró tí kò tíì fìdí múlẹ̀ nínú irun nìkan ni ṣampú àti fítámì Sí lè mú jáde. Wọn kò lè fọwọ́ kan dúdú tí Ọlọ́run dá mọ́ irun. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a kun aró ni agbára wọn pọ̀ jù lọ, bí ọjọ́ sì ṣe ń gorí ọjọ́ ni agbára náà ń dín kù.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo ìyá kan ní Sakété. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ń ṣe ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé. Ewú ti gba iwájú orí rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ etí. Ó fẹ́ kí irun òun jẹ́ búráùn tó dúdú díẹ̀, kó má baà dà bí ẹni tó fẹ́ sọ ara rẹ̀ di ọmọdé. Ó ra aró oníyẹ̀fun, irú èyí tí a ń fi omi lásán pò. Wọ́n kọ ọ́ sí ara páálí pé kó má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ lórí. Àlejò dé, ó sì gbé e sórí fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Oṣù méjì ṣáájú ìgbà náà ló ti fi oògùn na irun rẹ̀. Nígbà tó fọ orí tán ní alẹ́ ọjọ́bọ̀, iwájú orí ti di dúdú, ìdí irun dúdú díẹ̀, ṣóńṣó irun sì dúdú jù gbogbo rẹ̀ lọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ló wá ń béèrè ohun tó lè ṣe.

Kí a tó fèsì fún un, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú irun rẹ̀. Fọ́nrán irun kan, bó ti tín-ín-rín tó yẹn, ní èèpo, ó sì ní inú. Ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tó sùn lé ara wọn lórí ni èèpo náà. Inú lọ́hùn-ún ni dúdú àbínibí wà. Lára ewú, dúdú yẹn ti tán, ìdí nìyẹn tó fi funfun.

Aró tó ń pẹ́ lórí kì í ṣe nǹkan àná. Lọ́dún 1907, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, Eugène Schueller, ṣe irú aró bẹ́ẹ̀, ó sì ń tà á fún àwọn onídìrí ní ìlú Paris. Òun náà ló dá ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ sí L'Oréal sílẹ̀ lọ́dún 1909. Ọgbọ́n tó wà nídìí aró ìgbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú páálí tí ìyá wa rà.

Ọgbọ́n náà nìyí. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ po aró, àwọn èròjà inú rẹ̀ kéré gan-an, wọn kò sì tíì ní àwọ̀. Kíkéré wọn ló jẹ́ kí wọ́n rí àárín ìpẹ́ gbà wọ inú irun. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, ọ́síjìn á bá wọn. Bó bá jẹ́ aró onígò méjì, inú ìgò kejì ni ọ́síjìn náà ti ń wá. Bó bá jẹ́ oníyẹ̀fun, inú ìyẹ̀fun fúnra rẹ̀ ló wà, omi tí a bù sí i ló sì ń tú u sílẹ̀. Ọ́síjìn yìí á mú kí àwọn èròjà kéékèèké so mọ́ ara wọn, kí wọ́n di ńlá, kí wọ́n sì di aláwọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti di ńlá, ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ti há jù fún wọn láti gbà jáde. Ìdí tí aró náà fi ń pẹ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé dé inú lọ́hùn-ún. Apá kan á há sí àárín ìpẹ́, apá kan á lẹ̀ mọ́ ara èèpo, òmíràn á sì wà tí kò tíì so mọ́ nǹkan kan dáadáa. Apá yìí ló ń jẹ́ kí irun tuntun dúdú ju bí yóò ṣe rí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Òun náà ni apá tí a lè fọ̀ kúrò.

Kí ló wá mú kí ti ìyá wa dúdú tó bẹ́ẹ̀? Ohun méjì ni. Èkíní, aró pẹ́ lórí ju bó ṣe yẹ lọ, èròjà púpọ̀ sì ráyè wọlé. Èkejì, oògùn tí a fi ń na irun máa ń ṣí ìpẹ́, ó sì ń jẹ́ kí irun máa mu nǹkan. Ṣóńṣó irun ló pẹ́ jù láyé, òun ló ti jẹ ìyà oògùn, oòrùn àti ìyarí jù, nítorí náà òun ló mu aró jù. Bí ẹ bá rí irun tí ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ṣóńṣó rẹ̀ sì dúdú, irun tó ti gbẹ tó sì ń mu nǹkan ni.

Ó yẹ ká tún mọ irú aró tó wà lórí, nítorí ibẹ̀ ni a ó ti mọ̀ bóyá iṣẹ́ wa á já sí nǹkan. Bó bá jẹ́ aró tí a ṣí ìgò rẹ̀ kan ṣoṣo, tí a kùn láì po nǹkan kan mọ́ ọn, ara èèpo irun ló wà. Fífọ̀ bíi mẹ́fà sí méjìlá á mú un lọ fúnra rẹ̀, ṣampú líle á sì jẹ́ kó yá. Bó bá jẹ́ onígò méjì tàbí oníyẹ̀fun, apá tó há sítòsí èèpo nìkan la lè mú. Bó bá sì jẹ́ làálì, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Làálì máa ń di mọ́ ara irun gan-an, fítámì Sí kò sì lè tú u.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ṣáájú iṣẹ́ ni pé, kí ló wà lábẹ́ aró náà? Bó bá jẹ́ pé irun dúdú àbínibí la kun aró dúdú sí, kò sí ohun tí a ó rí lẹ́yìn tí aró bá lọ ju dúdú tí a bá níbẹ̀ lọ. Ibi tí ewú wà, tàbí ibi tí wọ́n ti fi oògùn sọ irun di pupa tẹ́lẹ̀, ni ìyàtọ̀ ti lè hàn. Ìyá wa ní ewú níwájú orí, nítorí náà ìrètí wà fún un.

Ohun tí a ó kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kó jẹ́ kí irun náà gbẹ pátápátá. Irun tútù máa ń dúdú ju irun gbígbẹ lọ, iná gílóòbù inú yàrá náà sì máa ń tan ojú jẹ. Kó dúró sẹ́nu ọ̀nà ní ọ̀sán, kí ẹlòmíràn bá a wò ó. Bó bá rí i pé ó ṣì dúdú jù, kó wá mú ìdì irun kékeré kan lẹ́yìn etí, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní tètè dé, kó sì dán gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe wò níbẹ̀ kó tó gbé e dé iwájú orí.

Ṣampú ni ká fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni kò ní wàhálà jù. Èyí tí a ń wá ni èyí tí wọ́n ṣe láti fi fọ ọ̀rá, ìpara àti ìdọ̀tí tó ti di mọ́ irun kúrò. Ó sábà máa ń mọ́ gaara, tó bẹ́ẹ̀ tí a lè rí òdìkejì ìgò. Èyí tó bá ki bíi wàrà, tí wọ́n kọ sí i lára pé ó ń mú irun rọ̀, ọ̀rá ló ń fi sílẹ̀, kò ní ṣe iṣẹ́ tí a fẹ́. Ọṣẹ dúdú wa ńkọ́? Òun náà ń fọ ọ̀rá kúrò dáadáa, ó sì ń ṣí ìpẹ́ irun nítorí eérú tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ṣampú lè fi fọ orí lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n kó rántí pé ìpẹ́ tí ọṣẹ dúdú bá ṣí kì í tètè padé, irun á sì le, á máa kọ́ra.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Kí ìyá wa pín irun rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, kó sì di mẹ́ta mú. Kó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin ìdá kan, nítorí omi tó gbóná díẹ̀ máa ń jẹ́ kí irun wú, tí ìpẹ́ á sì ṣí díẹ̀. Kó bu ṣampú tó ṣíbí ìjẹun kan, kó fi ọwọ́ fà á láti ìdí lọ sí ṣóńṣó, kó má fi ọwọ́ yí irun ká bí ẹni ń fọ aṣọ. Bó bá ti ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, kó fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó tó ṣan án.

Kó ṣan án sínú abọ́ funfun, nítorí ìfófó àti omi yẹn ni yóò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Bí omi bá ń dúdú tàbí ó ń pọ́n, aró ń jáde, ó sì tọ́ kó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ìfófó bá ti funfun tí omi sì mọ́, aró tó lè jáde lọ́jọ́ náà ti jáde tán. Ibi tí púpọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n rí i pé irun ṣì dúdú, wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin, lẹ́ẹ̀karùn-ún. Kò sí aró tí ń jáde mọ́ nígbà yẹn. Ọ̀rá inú irun ni wọ́n ń fọ̀ lọ, irun tiwa tó lọ́ kókó sì máa ń tètè gbẹ ju irun tó nà tààrà lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ti tó.

Ká ní ìyá wa ti ṣe èyí. Omi àkọ́kọ́ dúdú, omi kejì pọ́n díẹ̀, ìfófó sì funfun nígbẹ̀yìn. Irun náà gbẹ, ó wò ó lẹ́nu ọ̀nà, iwájú orí ti mọ́lẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ṣóńṣó irun ṣì dúdú jù. Ìgbà yìí ni fítámì Sí wọ ọ̀rọ̀ náà.

Kí ni fítámì Sí ń ṣe? Ẹ wo isu tí a bẹ tí a fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Afẹ́fẹ́ á kàn án, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Bí a bá tètè fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lára, kò ní dúdú tó bẹ́ẹ̀, nítorí ọsàn náà ń dí ọ̀nà mọ́ iṣẹ́ tí ọ́síjìn fẹ́ ṣe lára isu. Fítámì Sí lágbára nínú iṣẹ́ yìí ju ọsàn lọ dáadáa. Ọ́síjìn ló fún èròjà aró ní àwọ̀. Fítámì Sí lè gba apá kan iṣẹ́ ọ́síjìn náà padà, pàápàá lára èyí tí kò tíì so pọ̀ tán. Èròjà náà á pàdánù àwọ̀ rẹ̀, tàbí kó rọrùn fún ṣampú láti gbé jáde. Lára èyí tó ti so pọ̀ gírígírí nínú irun, ohun tó lè ṣe kò tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ kejì fi dára ju ọ̀sẹ̀ kejì lọ.

Hóró fítámì Sí funfun lásán ni kó rà ní fámásì, kó má ra èyí tó ń hó nínú omi. Wọ́n fi ohun tó jọ kánún sí èyí tó ń hó, ohun náà sì máa ń pa kíkan fítámì Sí. Èyí tí wọ́n ń jẹ bíi súìtì ní ṣúgà àti àwọ̀ ọsàn nínú, irun á kàn máa lẹ̀ ni. Bí hóró bá ti ní àmì ràkọ̀ràkọ̀ tàbí ó ti ń pọ́n, afẹ́fẹ́ àti ooru ti jẹ agbára rẹ̀, kó má rà á.

Fún irun tó dé èjìká, hóró mẹ́wàá tó jẹ́ 500 mílígíráàmù tó. Gíráàmù márùn-ún nìyẹn lápapọ̀. Kó lọ̀ wọ́n kúnná nínú odó kékeré tó mọ́, kó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣíbí ìjẹun méjì sí i, kó sì rò ó. Ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ á ṣẹ́kù nísàlẹ̀ tí kò ní yòrò. Ohun tí wọ́n fi mọ hóró pọ̀ ni, kì í ṣe fítámì náà. Kó fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ kúrò. Kó wá po omi náà mọ́ ṣampú ṣíbí ìjẹun mẹ́ta nínú abọ́ rọ́bà tàbí abọ́ dígí. Kó má lo agolo tàbí abọ́ onírin, nítorí irin àti bàbà máa ń jẹ́ kí fítámì Sí tètè bàjẹ́. Ojú ẹsẹ̀ tó bá pò ó ni kó lò ó. Èyí tó bá ṣẹ́kù, kó dà á nù, nítorí kò ní wúlò lọ́la.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tó ṣe pàtàkì fún wa tí a ń lo ọṣẹ dúdú. Ẹ má po fítámì Sí mọ́ ọṣẹ dúdú. Ọṣẹ jẹ́ àpapọ̀ ọ̀rá àti eérú. Bí ohun kíkan bá wọ inú rẹ̀, ọ̀rá á ya kúrò lára eérú, ọṣẹ á dì wúruwùru, á sì máa lẹ̀ mọ́ irun bí èépá. Fítámì Sí náà á pàdánù kíkan rẹ̀. Àwọn méjèèjì á ti ba ara wọn jẹ́.

Orí tútù ni ìyá wa á kun ún sí, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúdú jù, ìyẹn ṣóńṣó irun, kó tó wá sí iwájú. Kó fi rọ́bà bo orí kó má baà gbẹ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó nu ìdì irun kan pẹ̀lú aṣọ funfun, kó wò ó. Bí aṣọ náà bá gba àwọ̀, iṣẹ́ ń lọ. Kó tún wò ó ní ogún ìṣẹ́jú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni kó mọ. Bí aṣọ bá mọ́ tónítóní ní ìgbà méjèèjì, kò sí ohun tí fítámì náà lè ṣe mọ́, kó ṣan án kúrò.

Ṣíṣan náà ṣe pàtàkì. Ó yẹ kí omi máa ṣàn lórí irun fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a lè gbé àwọn èròjà tó ti tú sílẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá ṣẹ́kù sínú irun, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ lè tún fún wọn ní àwọ̀ padà, irun tó mọ́lẹ̀ ní alẹ́ á sì tún ṣókùnkùn ní òwúrọ̀. Nítorí ìdí kan náà, ẹ má fi aró onígò méjì mìíràn lé e lọ́jọ́ náà, nítorí ọ́síjìn inú ìgò kejì lè jí èyí tí a ti pa dìde.

Lẹ́yìn náà, kó fi ìpara tó ń mú irun rọ̀ sórí fún ogún ìṣẹ́jú, kó sì fi òrí díẹ̀ pa ṣóńṣó rẹ̀ nígbà tó bá ṣì tutù. Kí ó tó kan ìyarí, irun gbọ́dọ̀ ti rọ̀. Irun tí wọ́n ti nà, tí wọ́n kun aró sí, tí wọ́n sì tún fi ohun kíkan fọ̀, kò lè gba ìyarí eléyín kíkún nígbà tó tutù.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa bi ara rẹ̀ pé, ọsàn wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìnkùlé ńkọ́? Fítámì Sí inú omi ọsàn wẹ́wẹ́ kò pọ̀ rárá. Kí a tó rí gíráàmù márùn-ún nínú rẹ̀, a ó fún ju lítà mẹ́wàá lọ. Kíkan rẹ̀ á ta orí, irun á gbẹ, bí oòrùn bá sì pa omi ọsàn náà lára awọ, ó lè jó awọ di dúdú. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún ẹja.

Omi jáfẹ́ẹ̀lì tí a fi ń fọ aṣọ funfun kò gbọ́dọ̀ kan orí. Ó máa ń jẹ irun fúnra rẹ̀ títí á fi yòrò. Bó bá sì pàdé fítámì Sí tàbí ọsàn, èéfín olóró á jáde tó lè dí èèmí lọ́fun. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọṣẹ́, ẹ sọ èyí fún wọn.

Àwọn kan sì wà tí kò gbọ́dọ̀ lo fítámì Sí rárá: ẹni tí orí rẹ̀ ní egbò tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ họ orí, ẹni tó na irun láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àti ọmọdé. Bó bá sì jẹ́ pé orí ń yún ẹni lẹ́yìn aró, tí ojú ń wú, tí awọ ń lé ròrò tàbí tó ń tú omi, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti àwọ̀. Ara kò gba èròjà kan nínú aró náà nìyẹn. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi omi púpọ̀ ṣan orí, kó má kun nǹkan kan mọ́, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn, yálà ti Pobẹ̀ tàbí ti Sakété. Bó bá ṣòro fún un láti mí, kó má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tún lo aró bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé, nítorí ìgbà kejì máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá wa. Kí ló yẹ kó retí ní òwúrọ̀ Sátidé? Iwájú orí, níbi tí ewú wà, lè ti bọ́ láti dúdú sí búráùn tó jinlẹ̀. Ṣóńṣó irun lè mọ́lẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó ṣì dúdú ju ìdí lọ, nítorí aró ibẹ̀ ti wọlé jìnnà. Àárín orí, níbi tí irun dúdú àbínibí wà, kò ní yí padà. Ìpele àwọ̀ kan ni èrè tó wọ́pọ̀, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèlérí fún un pé fítámì Sí á sọ irun dúdú di pupa ní alẹ́ kan, kó má gbà á gbọ́.

Bó bá rí i pé ṣóńṣó irun ṣì ń dà á láàmú, ohun méjì ló kù. Ó lè ní kí onídìrí gé ìwọ̀n ìka kan kúrò nísàlẹ̀, èyí tí irun tó ti gbẹ bẹ́ẹ̀ nílò lọ́nàkọnà. Tàbí kó dì í sókè lábẹ́ gèlè lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kó sì máa fi ṣampú lásán fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nítorí aró tuntun máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Èyí tí kò gbọdọ̀ ṣe ni kó tún lo fítámì Sí lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta, lọ́jọ́ kẹrin. Ẹ̀ẹ̀kan ló dára, ẹ̀ẹ̀mejì ni òpin, kí ọ̀sẹ̀ kan sì wà láàárín wọn. Bí ẹ̀ẹ̀mejì kò bá mú un, ó ti fìdí múlẹ̀. Oògùn tí ń tú aró tàbí tí ń bó àwọ̀ irun nìkan ló lè mú irú èyí, iṣẹ́ onídìrí tó mọ̀ ọ́n dájú sì ni, kì í ṣe iṣẹ́ ilé.

Kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀ mọ́, ẹ wo nọ́mbà tó wà lára páálí. Lórí púpọ̀ nínú aró onígò méjì, ọ̀kan ni dúdú pátápátá, mẹ́wàá sì ni èyí tó mọ́lẹ̀ jù. Mẹ́ta ni búráùn tó ṣókùnkùn, mẹ́rin ni búráùn àárín, márùn-ún ni búráùn tó mọ́lẹ̀. Àwọn oníyẹ̀fun ní nọ́mbà tiwọn, nítorí náà orúkọ àwọ̀ ni kí ẹ kà níbẹ̀. Bí irun yín bá ti gba oògùn ìnarun tàbí aró tẹ́lẹ̀, ẹ mú èyí tó fi ìpele kan mọ́lẹ̀ ju ohun tí ẹ ń fẹ́ lọ. Ẹ kun ìdí àti ewú lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ sì fi ṣóńṣó irun sílẹ̀ di ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn, nítorí òun ló ń mu aró yára jù. Ẹ dán aró wò lẹ́yìn etí tàbí ní ìgbọ̀nwọ́ ní wákàtí 48 ṣáájú. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kùn ún, orúkọ àwọ̀ náà àti iye ìṣẹ́jú tó lò lórí sínú ìwé kékeré kan. Bí wàhálà bá dé, ohun mẹ́ta yìí ni onídìrí á kọ́kọ́ bi yín.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ibi tí mo fẹ́ dúró sí lónìí nìyẹn. Ẹni tí aró rẹ̀ bá dúdú jù, kó jẹ́ kó gbẹ kó wò ó, kó fi ṣampú bẹ̀rẹ̀, kó fi fítámì Sí tẹ̀ lé e bó bá ṣì wà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kó sì dáwọ́ dúró nígbà tí ìfófó bá funfun.